Ariwo Méjì Tí Kò Ṣeé Pa Nínú Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ń Há Sí Ìka

Bí ẹ bá gbé rẹsítọ̀ kan kalẹ̀ sórí tábìlì, láìsí bátìrì, láìsí wáyà tí ó so ó mọ́ ohunkóhun, fóltéèjì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ó kéré púpọ̀, kò sì dúró sójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti apá pósítíìfù bọ́ sí nẹ́gátíìfù lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí yóò yà sí. Ohun tí ó fà á ni ooru. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ti ní ooru lára, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń sáré kiri, wọ́n ń forí gbárí pẹ̀lú àwọn átọ́ọ̀mù, wọ́n ń yí padà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pọ̀ díẹ̀ ní etí ọ̀tún ju ti òsì lọ, fóltéèjì ti dé nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún ti pọ̀ sí òsì.

Èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní ariwo ooru. Wọ́n ń pè é ní ariwo nítorí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ bá a pàdé gbọ́ ọ ní tòótọ́, nínú gbohùngbohùn ẹ̀rọ rédíò àti ti tẹlifóònù, bí ìró ṣììì tí kò ní orin kankan nínú. Lónìí, bí kò tilẹ̀ jáde sí etí ẹnikẹ́ni, tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà tí ń mì lójú ẹ̀rọ ni, ariwo náà ni à ń pè é.

Ọkùnrin tí ó wọ̀n ọ́n dáadáa ni John Johnson, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Niú Yọ́ọ̀kì. Ó kó oríṣiríṣi ohun tí iná mànàmáná lè gbà kọjá jọ, láti orí èédú àti irin dé orí omi tí a po iyọ̀ sí, ó sì wọn fóltéèjì tí ń mì lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu: irú nǹkan tí wọ́n fi ṣe rẹsítọ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Bí omi iyọ̀ àti wáyà irin bá ti dènà iná dọ́gba, tí wọ́n sì gbóná dọ́gba, ariwo kan náà ni wọ́n ń pa. Johnson gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹnìkejì rẹ̀, Harry Nyquist, tí òun náà jẹ́ ọmọ Súwídìn, Nyquist sì fi ìṣirò lásán dé ibi tí Johnson fi ìwọ̀n dé. Ọdún 1928 ni àwọn méjèèjì tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Bí ìṣirò náà ṣe rí nìyí:

```
Vn = √(4 × k × T × R × B)
```

Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. `R` ni ìwọ̀n bí rẹsítọ̀ ṣe ń dènà iná tó. `T` ni ooru rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í kà á láti ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ibi tí òtútù dópin pátápátá, tí kò tún lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni a ti ń kà á, nítorí náà yàrá tí ó gbóná dé 27 lórí òṣùwọ̀n tí a mọ̀ wà ní 300 lórí òṣùwọ̀n yìí. `k` jẹ́ nọ́ńbà tí kì í yí padà, 1.380649 × 10⁻²³, òun ni ó ń sọ iye agbára tí ooru ń fún nǹkan kéékèèké bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. `B` ni bí ẹ̀rọ wa ṣe la ojú sílẹ̀ tó: ẹ̀rọ tí ó lè tẹ̀lé ohun tí ń yí padà kíákíá la ojú gbòòrò, èyí tí ó ń tẹ̀lé ohun tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nìkan la ojú díẹ̀, a sì ń fi hẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n. Àmì tí ó bo gbogbo rẹ̀ ni gbòǹgbò: gbòǹgbò 9 ni 3, nítorí pé 3 lọ́nà 3 ni 9.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìṣirò náà. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe rẹsítọ̀ níbẹ̀, kò sí owó tí wọ́n rà á. Rẹsítọ̀ olówó ńlá kò lè ní ariwo ooru tí ó kéré ju ti aláìlówólórí lọ bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Òótọ́ ni pé àwọn rẹsítọ̀ oní-kábọ́ọ̀nù àtijọ́ tún máa ń fi ariwo tiwọn kún un nígbà tí iná bá ń gba inú wọn kọjá, owó sì lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ooru kò gbẹ̀bẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a kúkú mú ẹ̀rọ náà tutù. Gbòǹgbò ni kò jẹ́ kí èyí rọrùn. Bí a bá gbé e láti yàrá tí ó wà ní 300 lọ sínú ẹ̀rọ amúǹkantutù tí ó wà ní 270, ooru ti dín ní ìdá mẹ́wàá, ariwo kò sì dín ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bákan náà, oòrùn ọ̀sán tí ó mú gbogbo wa làágùn kò fi ohun tí ó pọ̀ kún ariwo inú rẹsítọ̀. Àwọn tí ń fi rédíò wo ìràwọ̀ máa ń mú ẹ̀rọ agbóhùn wọn tutù dé ìwọ̀n ogún tàbí kí ó kéré sí i lórí òṣùwọ̀n yìí kí wọ́n tó rí èrè gidi níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Ariwo kejì ti pẹ́ díẹ̀ ju èyí lọ nínú ìwé. Walter Schottky, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1918, nígbà tí ó ń wo àwọn ife onígíláàsì tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ rédíò ayé ìgbà náà. Ó rí i pé kọ́rẹ́ǹtì, tí a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí ń ṣàn, kò ṣàn rárá bí a bá wò ó fínnífínní. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń dé, kò sí èyí tí ó ń dúró de èkejì. Òjò tí ń rọ̀ sórí páánù ni. Bí ó ti wù kí òjò náà dúró déédéé tó, iye ẹ̀kán tí ó bá páánù láàárín ìṣẹ́jú àáyá yìí kò ní bá ti èyí tí ó tẹ̀lé e mu gẹ́lẹ́, ìyàtọ̀ náà ni a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń ta páró páró. Ìyàtọ̀ láàárín iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó dé báyìí àti iye tí ó dé lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo tí Schottky ṣe ìṣirò rẹ̀. Ariwo ẹ̀kán ni n ó máa pè é níhìn-ín.

```
In = √(2 × q × I × B)
```

`I` ni kọ́rẹ́ǹtì tí ń kọjá, `q` ni iye iná tí ó wà lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe 1.602 × 10⁻¹⁹. Ooru kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá mú ẹ̀rọ tutù dé ibi tí òtútù ti pin, ariwo ẹ̀kán yóò ṣì wà níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá ṣì ń kọjá.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣe níbí. Wọn a mú ìṣirò Schottky, wọn a lò ó fún gbogbo ibi tí kọ́rẹ́ǹtì bá ti ń kọjá, títí kan inú rẹsítọ̀ lásán àti wáyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ń fo ààlà kan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìfò ọ̀kan kò kan ìkejì, kí ariwo ẹ̀kán tó pé. Irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà nínú dáyóòdù, ó wà nínú tìràńsítọ̀, ó wà nínú ojú tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Nínú wáyà, ọ̀pọ̀ yanturu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó jọ ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, ìdàrúdàpọ̀ inú dídé wọn ti parẹ́ kí wọ́n tó dé òpin. Ariwo ooru nìkan ni ó kù níbẹ̀.

Kí a lè rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń jọ gbé inú ilé kan náà, n ó mú ẹ̀rọ kan tí ọ̀pọ̀ wa ti fi ìka sí: ọ́símítà, ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń há sí ọmọ ìka aláìsàn láti mọ iye ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé. Iná kékeré méjì ni ó wà ní apá kan rẹ̀. Ọ̀kan pupa, ìkejì jẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í mu ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bákan náà. Ní apá kejì ni fọtodáyóòdù wà, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó là á já, tí ń sọ ọ́ di kọ́rẹ́ǹtì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé awọ, ẹran, egungun àti èékánná náà ń mu ìmọ́lẹ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ mu? Takuo Aoyagi ní Japáànù ni ó rí ọ̀nà. Iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe: ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ń gba etí kọjá wo bí àwọ̀ tí wọ́n fún sínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú ká, lílù ọkàn sì ń mú ìlà ìwọ̀n rẹ̀ mì, ó ń da á láàmú. Bí ó ṣe ń wá bí yóò ṣe yọ mímì náà kúrò ni ó rí i pé mímì náà gan-an ni ohun tí ó yẹ kí ó máa wọ̀n. Ẹran àti egungun kì í yí padà, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ tuntun á rọ́ wọ inú iṣan, ìmọ́lẹ̀ tí ń là á já á sì dín díẹ̀. Apá tí ń mì yẹn, ti ẹ̀jẹ̀ ni. Ó gbé àbájáde rẹ̀ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1974. Ìtàn yìí wú mi lórí gidigidi, ó sì tún fi nǹkan kan hàn: ìdààmú tí ó bá ní ìlànà, irú èyí tí ó ń tẹ̀lé ọkàn, a lè yọ ọ́ kúrò tàbí kí a lò ó. Ariwo ooru àti ariwo ẹ̀kán kò ní ìlànà kankan tí a lè dì mú.

Ó wá ku ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kọ́rẹ́ǹtì tí ń jáde láti inú fọtodáyóòdù jẹ́ 100 nánò-áńpíà. Nánò-áńpíà kan ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù áńpíà, tí a bá sì tún pín ìyẹn sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, píkò-áńpíà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá tí ń mì tẹ̀lé ọkàn kéré gan-an nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe nánò-áńpíà 1, ìyẹn píkò-áńpíà 1,000. Òun ni àmì tí à ń wá. Ọkàn ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń lù lẹ́ẹ̀kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó la ojú dé hẹ́ẹ̀tì 10 ti tó láti rí bí lílù náà ṣe rí. Kọ́rẹ́ǹtì yìí yóò gba inú rẹsítọ̀ kan tí ó wà pẹ̀lú ańpilifáyà, kí ó lè di fóltéèjì tí a lè kà.

Ariwo ẹ̀kán kọ́kọ́. Bí a bá fi 100 nánò-áńpíà àti hẹ́ẹ̀tì 10 sínú ìṣirò Schottky, a ó rí 0.57 píkò-áńpíà. Ẹni tí kò bá gba ìṣirò náà gbọ́ lè gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó la ojú dé hẹ́ẹ̀tì 10 ń ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó sọ nọ́ńbà kan. Láàárín àkókò yẹn, nǹkan bí bílíọ̀nù 31 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń dé. Nínú ohun tí ó bá ń dé láìní ìlànà, iye tí kíkà kan fi ń yàtọ̀ sí òmíràn jẹ́ gbòǹgbò iye tí ó dé, gbòǹgbò bílíọ̀nù 31 sì jẹ́ nǹkan bí 177,000. Bí ẹ bá pín 177,000 sí bílíọ̀nù 31, tí ẹ fi bá 100 nánò-áńpíà lò, 0.57 píkò-áńpíà náà ni yóò jáde. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ariwo ẹ̀kán ju iye ìyàtọ̀ inú kíkà yìí lọ.

Ariwo ooru wá ń bọ̀ láti inú rẹsítọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ ti ní àṣàyàn. Ká ní ó mú rẹsítọ̀ ọ̀kẹ́ márùn-ún óòmù, ìyẹn 100,000. Tí a bá ṣe ìṣirò Nyquist, tí a sì pín fóltéèjì tí a rí pẹ̀lú ìwọ̀n rẹsítọ̀ kí ó lè di kọ́rẹ́ǹtì, ariwo ooru rẹ̀ jẹ́ 1.29 píkò-áńpíà. Bí ó bá sì mú ti mílíọ̀nù kan óòmù, ariwo náà já sí 0.41. Èyí máa ń ta ko ohun tí ọkàn ènìyàn kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ìṣirò Nyquist fi hàn pé bí rẹsítọ̀ bá ṣe tóbi sí i ni fóltéèjì ariwo ṣe ń pọ̀ sí i. Ó ń pọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni ó fi ń pọ̀. Fóltéèjì àmì kò mọ gbòǹgbò: bí rẹsítọ̀ bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àmì di ìlọ́po mẹ́wàá, ariwo kò sì ju ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Àmì ni ó jèrè.

Báwo ni a ó ṣe da ariwo méjì pọ̀? Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, wọn a kàn rò wọ́n pọ̀. Níwọ̀n bí ariwo kan kò ti mọ ohun tí ìkejì ń ṣe, nígbà mìíràn wọn a jọ gòkè, nígbà mìíràn ọ̀kan á gòkè bí ìkejì ṣe ń sọ̀, wọn a sì pa ara wọn rẹ́ díẹ̀. Nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ́kọ́ sọ di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀, a ó ro àwọn èsì pọ̀, lẹ́yìn náà a ó mú gbòǹgbò rẹ̀. Ariwo 3 àti ariwo 4 kì í di 7. 5 ni wọ́n ń dà. Fún rẹsítọ̀ mílíọ̀nù kan wa:

```
√(0.57² + 0.41²) = 0.70 pA
1000 ÷ 0.70 ≈ 1430
20 × log10(1430) ≈ 63 dB
```

Ìlà kejì ni a wá láti ìbẹ̀rẹ̀: àmì ju ariwo lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,430. Ìlà kẹta kò fi òye tuntun kún un. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kàn jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń sọ ìlọ́po tí ó tóbi ní nọ́ńbà kúkúrú, lọ́gárídímù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ níbẹ̀ ni 20 yẹn. Bí ó bá jẹ́ fóltéèjì tàbí kọ́rẹ́ǹtì ni a pín sí ara wọn, 20 ni a ń lò. Bí ó bá jẹ́ agbára iná ni, 10 ni, nítorí pé agbára ń pọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀ nígbà tí fóltéèjì bá pọ̀. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì dà lè kọ 32 sílẹ̀ dípò 63, kí ó sì sọ ẹ̀rọ rere di èyí tí kò dára lórí ìwé lásán.

Pẹ̀lú rẹsítọ̀ ọ̀kẹ́ márùn-ún, ariwo méjèèjì pọ̀ di 1.41 píkò-áńpíà, ìlọ́po àmì lórí ariwo sì já sí nǹkan bí 710, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 57. Rẹsítọ̀ kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ kò ju ti ìkejì lọ ni ó fi ìlọ́po méjì sọnù. Ṣé kí a wá lọ sí mílíọ̀nù mẹ́wàá? A ó rí 1,720, ìyẹn nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 65. Èrè náà ti ń tán, nítorí pé ariwo ẹ̀kán ni ó ti gba gbogbo ilé, rẹsítọ̀ kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ọ̀nà kan rọrùn láti mọ ẹni tí ó jọba nínú àwọn méjèèjì, ó sì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà ìwọ̀n rẹsítọ̀, kí ẹ mọ fóltéèjì tí ó dúró lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí ìdá àádọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún fóólìtì nínú yàrá lásán, ariwo méjèèjì dọ́gba. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ti ooru ni ó ń pariwo jù, a lè fi rẹsítọ̀ tí ó tóbi sí i tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kán ni, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i nìkan ni ó lè gbà wá. Rẹsítọ̀ ọ̀kẹ́ márùn-ún wa ní ìdá mẹ́wàá péré nínú ẹgbẹ̀rún fóólìtì lórí, ti mílíọ̀nù kan ní ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi yàtọ̀.

Gbogbo èyí, nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn ni. Ẹ wá gbé aláìsàn náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ó fi kọ́rẹ́ǹtì 1,000 nánò-áńpíà kún 100 tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọ́símítà mọ èyí. Wọ́n máa ń pa iná méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, wọn a wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, wọn a sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n tí wọ́n mú nígbà tí iná tàn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a kúrò lóòótọ́. Ariwo ẹ̀kán tí ó gbé wá kì í bá a lọ. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó dé nígbà tí a pa iná kọ́ ni ó dé nígbà tí a tàn án, ìyàtọ̀ tí ó wà nínú kíkà àkọ́kọ́ kò sì lè pa ti èkejì rẹ́. Kọ́rẹ́ǹtì 1,100 nánò-áńpíà ń fa ariwo ẹ̀kán 1.88 píkò-áńpíà, pẹ̀lú ti ooru ó di 1.92, ìlọ́po 1,430 wa sì ṣubú sí 520, kí a tó ka ariwo tí yíyọ náà fúnra rẹ̀ fi kún un. Bí òtútù bá tún mú ìka aláìsàn náà, tí ẹ̀jẹ̀ kò rọ́ débẹ̀ dáadáa, àmì lè já sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó jẹ́. Nígbà náà 52 ni ó kù. Ẹ sì rántí rẹsítọ̀ mílíọ̀nù mẹ́wàá tí a fẹ́ lò: ìmọ́lẹ̀ yìí yóò ti fóltéèjì orí rẹ̀ dé fóólìtì 11, ẹ̀rọ tí bátìrì kékeré méjì ń gbé kò sì lè dé ibẹ̀ láé. Ańpilifáyà á kàn gan mọ́ òkè, kò ní sọ ohunkóhun mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi aṣọ bo ìka aláìsàn tàbí tí ó bá ra ọwọ́ rẹ̀ kí ó móoru, kì í ṣe àṣà lásán. Aṣọ náà ń dín ariwo kù ní ibi tí ìṣirò kò lè dé, ọwọ́ tí ó móoru sì ń gbé àmì sókè.

Ọ́símítà gidi le ju ti inú ìṣirò mi lọ. Iná rẹ̀ méjèèjì ń tàn ní ìpín-ìpín, kì í tàn títí. Bí a bá ń ka ìmọ́lẹ̀ fún ìdá kan nínú mẹ́wàá àkókò, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a kà dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, àmì lórí ariwo sì ń pàdánù dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10. Ańpilifáyà ní ariwo tirẹ̀. Aláìsàn ń mi ọwọ́, èyí sì máa ń ju gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ìṣirò méjèèjì ṣe pàtàkì nítorí pé wọ́n jẹ́ ilẹ̀ pẹpẹ tí a kò lè wà kọjá. Bí ẹ̀rọ bá pariwo ju ohun tí wọ́n sọ lọ, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí a lè tọ́jú.

Bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń mọ ohun náà kò le. Yóò kọ́kọ́ bo ojú fọtodáyóòdù kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé rárá. Ariwo tí ó kù jẹ́ ti ooru àti ti ańpilifáyà. Bí ó bá rí i pé ó kó jọ sí orí hẹ́ẹ̀tì 50, iná ilé ni ó yọ́ wọlé. Bí ó bá wà lórí 100 nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, gílóòbù yàrá ni ó ń ṣẹ́jú. Àwọn wọ̀nyí ní ojú, a lè lé wọn jáde. Lẹ́yìn náà yóò tan ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró déédéé sí i, yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ariwo bá di ìlọ́po méjì, ẹ̀kán ni, nítorí pé gbòǹgbò 4 ni 2. Bí ariwo náà bá di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe ẹ̀kán. Iná tí ó ń tàn án ni kò dúró sójú kan, ibẹ̀ ni kí ó lọ tún ṣe. Bí kò bá sì yí padà rárá, ariwo ooru tàbí ti ańpilifáyà ni ó ṣì jọba, rẹsítọ̀ rẹ̀ kéré jù.

Ohun kan ṣì kù tí a lè ṣe sí ariwo tí kò ṣeé pa: kí a máa kà á ní àkàtúnkà, kí a sì mú àárín rẹ̀. Kíkà mẹ́rin máa ń dín ariwo sí ìdajì, kíkà mẹ́rìndínlógún á dín in sí ìdá mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ọ́símítà fi máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yí padà: ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ó ń dà pọ̀. Owó tí a san ni àkókò. Bí ọ́síjìn aláìsàn bá já lulẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ tí ó ń ka púpọ̀ pọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan awọ wa ní tààrà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da á pọ̀ mọ́ ariwo. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Míṣígàn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tí ọ́símítà sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi èyí wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti inú iṣan. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn wọn kò tó 88 ní tòótọ́. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 ni.

Awọ dúdú ń mu ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó kù kéré, àmì lórí ariwo sì dín kù bí ìṣirò wa ṣe sọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè bí irú àṣìṣe yìí. Ariwo ooru àti ariwo ẹ̀kán ń ti nọ́ńbà sókè bí wọ́n ṣe ń tì í sísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n rí yìí máa ń ti nọ́ńbà sí apá kan jù, sókè, sí ibi tí yóò mú oníṣègùn fọkàn balẹ̀ nígbà tí kò yẹ. A kò lè fi kíkà púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ nù. Bí ẹ bá ka nọ́ńbà tí ó yà bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, àárín rẹ̀ yóò dúró ṣinṣin sórí àṣìṣe náà. Ibi tí a ti lè tún un ṣe ni àtẹ tí ẹ̀rọ fi ń sọ ìpín ìmọ́lẹ̀ méjèèjì di iye ọ́síjìn, nítorí pé orí ara ènìyàn ni wọ́n ti ń wọn àtẹ náà, irú àwọ̀ ara àwọn tí wọ́n bá wọ̀n sì ni yóò máa gbè. Ẹ̀rọ kan lè ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 63 kí ó sì tún máa ṣi irú wa wọ̀n. Ilé ìwòsàn tí ó bá ń ra ọ́símítà ní láti béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á: bí ó ṣe ń kà nígbà tí ìka bá tutù tí ẹ̀jẹ̀ kò sì rọ́ débẹ̀, àti irú àwọ̀ ara àwọn ènìyàn tí wọ́n fi wọn àtẹ inú rẹ̀.